Ibo Ni Ká Gbé Pákéèjì Python Àkọ́kọ́ Sí? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Mẹ́rin

Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè Python kì í pẹ́ dé ibi tí yóò ti nílò iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ká ní ó fẹ́ kí ètò rẹ̀ lọ ka ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sídìí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òdo, nítorí pákéèjì kan wà tó ń jẹ́ requests tó ti ṣe é tán. Pákéèjì náà wà ní PyPI, ibi ìkójọ gbangba tí àwọn tó ń kọ Python ti ń pín iṣẹ́ wọn fún ara wọn láti ọdún 2003. Irinṣẹ́ tó ń lọ mú un wá ni pip, tí Ian Bicking gbé jáde ní 2008. Ìbéèrè tó wá kù kò ju ẹyọ kan lọ: bí pip bá gbé pákéèjì náà dé, inú fódà wo ni kó gbé e sí?

Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Àwọn kan ní kí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà tààrà, àwọn kan ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyíká àdádúró tirẹ̀ tí a fi venv dá, àwọn mìíràn fọwọ́ sọ̀yà fún conda, àwọn tó kẹ́yìn dé sì ń sọ pé uv ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìdí gidi wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè tó yẹ ká fi wọ̀n wọ́n kì í ṣe èyí tó yá jù tàbí èyí tó lágbára jù. Ohun tó yẹ ká wò ni ọ̀nà tí olùbẹ̀rẹ̀ ti lè rí ibi tí pákéèjì rẹ̀ wà, kí ó pa á rẹ́ láìba nǹkan mìíràn jẹ́, kí ó sì tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

## Gbòǹgbò ọ̀rọ̀: fódà kan, ẹ̀dà kan

Python kì í wá pákéèjì káàkiri kọ̀ǹpútà. Bí ó bá bá ọ̀rọ̀ `import` pàdé nínú ètò, fódà díẹ̀ tí a kọ orúkọ wọn sínú `sys.path` ló ń yẹ̀ wò. Èyí tó kàn wá jù nínú wọn ni fódà tó ń jẹ́ `site-packages`, nítorí ibẹ̀ ni pip ń gbé nǹkan sí. Nínú irú fódà bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni pákéèjì kan lè ní. Bí a bá gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, ti àtijọ́ á kúrò. Gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e pátá, inú òfin kékeré yìí ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀ràn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi pákéèjì pandas ṣe ìṣirò máa ń lo ọ̀rọ̀ `append` tẹ́lẹ̀ láti fi kún ìlà inú tábìlì wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, pandas 2.0 jáde, wọ́n sì ti yọ `append` kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ àtijọ́ tó ń lo `append`, tó tún wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tó nílò pandas 2, tí àwọn méjèèjì sì ń pín `site-packages` kan náà, kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Bí ó bá gbé pandas 2 wọlé fún iṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ àtijọ́ tí kò fọwọ́ kàn rárá á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe báyìí:

```
AttributeError: 'DataFrame' object has no attribute 'append'
```

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àṣìṣe yìí kò sọ̀rọ̀ ẹ̀dà pandas rárá. Ẹni tó bá kà á á rò pé ohun tóun kọ ni kò dára. Ìdí nìyẹn tí ibi tí a gbé pákéèjì sí fi ṣe kókó ju bí ó ti rí lójú lọ.

## Èrò kìíní: gbé e sórí kọ̀ǹpútà tààrà

Àwọn tó di èrò yìí mú sọ pé àṣẹ ẹyọ kan, `pip install requests`, ti tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python ti ní ẹrù tó wúwo lọ́wọ́; kí a má tún fi ọ̀rọ̀ àyíká kún un. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí kúrú, òótọ́ sì ni pé kò léwu níbi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí a ń lò sọnù. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó ń kọ ètò rẹ̀ nínú Google Colab ń lo ẹ̀rọ àyálò tí gbogbo ohun tó bá gbé sínú rẹ̀ á parẹ́ nígbà tó bá parí. Kò sídìí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ní láti tún dá àyíká mìíràn sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà ara ẹni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lórí Linux, Python tó bá kọ̀ǹpútà wá kì í ṣe ti oníkọ̀ǹpútà nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Python ni wọ́n fi kọ dnf, irinṣẹ́ tí Fedora fi ń gbé ètò wọlé. Ẹni tó bá fi `sudo pip install` gbé ẹ̀dà tuntun pákéèjì kan lé èyí tí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbára lé lè jí lọ́jọ́ kejì kí ó rí i pé kọ̀ǹpútà òun kò lè gbé ètò kankan wọlé mọ́. Ìbàjẹ́ yìí ló fa ìwé àbá PEP 668, tó fún àwọn tó ń ṣe Linux láàyè láti dí ọ̀nà náà. Debian 12 tó jáde ní 2023 tẹ̀ lé e, Ubuntu náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀ lónìí, èsì tó máa rí nìyí:

```
error: externally-managed-environment
```

Pip fúnra rẹ̀ ní àsọkún kan tó ń fipá kọjá èyí, `--break-system-packages`. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀: ó lè ba ètò kọ̀ǹpútà jẹ́. Kò yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ lò ó.

Àwọn kan wà láàárín tó ní kí a lo `--user`, tó ń gbé pákéèjì sínú fódà oníkọ̀ǹpútà dípò ti ètò gbogbo. Ọ̀nà yìí ti wà láti Python 2.6, ní 2008. Ó sàn díẹ̀ nítorí kò béèrè `sudo`. Síbẹ̀ fódà kan ṣoṣo ṣì ni gbogbo iṣẹ́ ẹni náà ń pín, nítorí náà ìjà pandas tí a sọ lókè kò tíì parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Python máa ń wo fódà yìí kí ó tó wo ti ètò gbogbo, débi pé pákéèjì tó wà níbẹ̀ lè bo èyí tí irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá mọ́lẹ̀. Debian náà sì dí ọ̀nà yìí pẹ̀lú àṣìṣe kan náà.

## Èrò kejì: venv, àyíká kan fún iṣẹ́ kan

Èrò kejì lọ bá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tààrà: bí fódà kan kò bá lè gbé ẹ̀dà méjì, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀. Ian Bicking ló kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ virtualenv jáde fún èyí ní 2007. Nígbà tó di 2012, ìwé àbá PEP 405 sọ ọ́ di ara Python 3.3 fúnra rẹ̀, ní orúkọ venv. Láti Python 3.4 ní 2014, pip ń bá àyíká tuntun wá. Nítorí náà, ẹni tó ti ní Python sábà máa ń ní ohun gbogbo tí èrò yìí béèrè. Lórí Linux tàbí Mac, bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyí:

```
mkdir ise-mi
cd ise-mi
python3 -m venv .venv
source .venv/bin/activate
python -m pip install requests
```

Lórí Windows, ìlà kẹta àti ìkẹrin á di:

```
py -m venv .venv
.venv\Scripts\activate
```

Ìlà kẹta ló dá fódà `.venv` sínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe Python odindi ló dà kọ síbẹ̀. Lórí Linux, ìtọ́ka sí Python tó wà nílẹ̀ ló fi síbẹ̀, pẹ̀lú `site-packages` tuntun tí pip wà nínú rẹ̀, àti fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ `pyvenv.cfg`. Fáìlì yìí ni Python fi ń mọ̀ pé inú àyíká àdádúró lòun wà. Ìlà kẹrin tan àyíká náà: orúkọ `.venv` á fara hàn níwájú ìlà tí a ń tẹ àṣẹ sí, ọ̀rọ̀ `python` á sì máa tọ́ka sí ti inú fódà náà. Ìlà karùn-ún gbé requests wọlé. Bí a bá wá tẹ `python -m pip list`, a ó rí i pé requests nìkan kọ́ ló dé. Certifi, charset-normalizer, idna àti urllib3 tẹ̀ lé e wá, nítorí àwọn mẹ́rin yìí ni requests gbára lé.

Ìdí tí a fi tẹ `python -m pip` dípò `pip` lásán yẹ kó yé èèyàn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní ju Python kan lọ, `pip` lè jẹ́ ti ọ̀kan nígbà tí `python` jẹ́ ti òmíràn. Èyí ló sábà wà lẹ́yìn ọ̀ràn tó ń sú àwọn olùbẹ̀rẹ̀ jù: pip ní òun ti gbé pákéèjì wọlé, ètò sì ń sọ pé `No module named 'requests'`. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, fódà tí wọ́n ń wò ló yàtọ̀. Àṣẹ kan ló ń tú àṣírí rẹ̀:

```
python -c "import sys; print(sys.executable)"
```

Bí ohun tó jáde kò bá ní `.venv` nínú, a kò tíì tan àyíká, tàbí ohun tí a fi ń kọ ètò ń lo Python mìíràn. Ọ̀nà ìpalára kejì jọ ọ́ ṣùgbọ́n ó yàtọ̀: bí a bá sọ fáìlì tiwa ní `requests.py`, Python á kọ́kọ́ rí tiwa, á sì gbé e dípò pákéèjì tí a fẹ́. Kí a yí orúkọ fáìlì náà padà ni òògùn rẹ̀.

Agbára tó ga jù tí venv ní ni pé a lè pa á rẹ́ láìbẹ̀rù. `pip uninstall requests` á yọ requests nìkan, á sì fi àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ẹni tó ń lo venv kò ní láti máa ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò pa fódà `.venv` rẹ́ pátá, yóò dá òmíràn, yóò sì fi `python -m pip install -r requirements.txt` dá ohun tó nílò padà, bí ó bá ti kọ orúkọ wọn sínú fáìlì `requirements.txt` tẹ́lẹ̀. Àyíká dà bí àkàbà tí kọ́lékọ́lé fi ń gun ògiri: iṣẹ́ ilé ló wà fún, kì í ṣe ara ilé.

Venv ní àléébù tirẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, wọ́n yọ apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà àṣẹ kẹta lè kọ̀ jálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé `ensurepip is not available` títí a ó fi tẹ `sudo apt install python3-venv`. Lórí Windows, PowerShell lè kọ̀ láti tan àyíká nítorí òfin ààbò rẹ̀. `Set-ExecutionPolicy -ExecutionPolicy RemoteSigned -Scope CurrentUser` ló ń ṣí i. A kò gbọ́dọ̀ ṣí fódà `.venv` kúrò níbi tí a dá a sí, nítorí ojú ọ̀nà rẹ̀ ti wà nínú àwọn fáìlì rẹ̀. Kí a tún òmíràn dá ló dára. Bí a bá yọ Python tó gbé e ró kúrò, àyíká náà kú nìyẹn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, venv kì í ṣe ààbò. Pákéèjì tí ẹni burúkú fi orúkọ tó jọ requests pè ṣì lè ka gbogbo fáìlì wa láti inú àyíká. Kí a wo lẹ́tà orúkọ dáadáa kí a tó tẹ̀ ẹ́ ló ń gbà wá.

## Èrò kẹta: conda

Conda dé ní 2012 láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tí a mọ̀ sí Anaconda lónìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sì gbà á jù. Àríyànjiyàn wọn lágbára: pákéèjì Python kan kì í ṣe Python nìkan. GDAL, tí àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ń lò, gbára lé ètò ńlá kan tí a fi C++ kọ. Bí ètò náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, pip á gbìyànjú láti kọ́ pákéèjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì já sí àṣìṣe gígùn. Conda ń gbé ètò náà wá pẹ̀lú pákéèjì, ó sì lè gbé Python fúnra rẹ̀ wá, ní ẹ̀dà tí a bá fẹ́.

Àléébù rẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ó tóbi. Èkejì, ìdí tó mú un pọn dandan ti dín kù. Láti 2016 tí ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún pákéèjì tí a ti kọ́ tán fún Linux lórí PyPI, pip ń gbé numpy àti pandas wọlé láìkọ́ ohunkóhun. Ẹ̀kẹta, conda àti pip kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Bí pip bá gbé nǹkan lé ohun tí conda ti gbé, tí conda tún padà wá ṣe àtúnṣe, àyíká náà lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe conda fi gbani níyànjú pé kí a ti parí gbígbé pákéèjì pẹ̀lú conda kí a tó lo pip. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 200 lọ sì ní láti sanwó kí ó tó lo ibi ìkójọ tí Anaconda ń bójú tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé conda-forge wà lọ́fẹ̀ẹ́.

## Èrò kẹrin: uv

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ Astral gbé uv jáde, tí wọ́n fi èdè Rust kọ. Poetry àti Pipenv ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú: kí irinṣẹ́ kan dá àyíká, kí ó gbé pákéèjì wọlé, kí ó sì kọ ẹ̀dà gbogbo wọn sílẹ̀. Uv yá ju àwọn tó ṣáájú lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Àṣẹ méjì péré, `uv init` àti `uv add requests`, á dá iṣẹ́ sílẹ̀, á dá `.venv`, á sì kọ fáìlì `uv.lock` tó mú ẹ̀dà gbogbo pákéèjì dúró sójú kan. Èyí yanjú àléébù kan gidi: `pip freeze` ń da ohun tí a béèrè pọ̀ mọ́ ohun tó kàn tẹ̀ lé e wá, uv sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn rẹ̀ ní iye tirẹ̀. Uv ń ṣe àwọn ìgbésẹ̀ tí olùbẹ̀rẹ̀ kò rí, ọjọ́ tí nǹkan bá yí, kò ní mọ ibi tí yóò wò. Àpẹẹrẹ kan hàn kedere: àyíká tí uv dá kì í ní pip nínú, àfi bí a bá fi `--seed` béèrè fún un. Ẹni tó bá tan irú àyíká bẹ́ẹ̀, tó wá tẹ `pip install` bí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe sọ, lè máa lo pip ti gbogbo kọ̀ǹpútà láìmọ̀, kí pákéèjì sì lọ síbi tí kò fẹ́. Ẹni tó ti mọ venv á rí i lójú ẹsẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa yí kiri.

## Ìwọ̀n

Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, venv ló wọ̀n jù lójú mi. Gbogbo ohun tó ń ṣe hàn sójú nínú fódà kan, ó bá Python wá, conda àti uv pàápàá sì dúró lórí òye kan náà, nítorí náà ẹni tó kọ́ ọ kò ní kọ́ ohun tí yóò ju nù. Àtakò tó lágbára jù sí i ni ti dátà: ṣé a ó máa dáńlóòdù pandas lẹ́ẹ̀kan sí i fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni? Rárá. Pip ń tọ́jú ohun tó ti dáńlóòdù sórí kọ̀ǹpútà, bí àyíká kejì bá sì béèrè ẹ̀dà kan náà, ibẹ̀ ló ti ń mú un. Ohun tó ń pọ̀ sí i lóòótọ́ ni àyè orí dísìkì. Àtakò kejì ni pé èèyàn máa ń gbàgbé láti tan àyíká. Ìyẹn náà ní ọ̀nà: lórí Linux tàbí Mac, `.venv/bin/python eto.py` ń ṣiṣẹ́ láìtan ohunkóhun. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá nílò GDAL tàbí irú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ó lọ bá conda. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ tí ẹ̀dà sì gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́dọ̀ gbogbo wọn, uv tọ́ sí i.

## Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Èkíní, ṣé ó yẹ kí pip kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí kò bá sí àyíká? Ìwé àbá PEP 704 dá a lábàá, wọ́n sì fà á sẹ́yìn. Èkejì, ṣé a tilẹ̀ nílò títan àyíká? PEP 582 fẹ́ kí Python máa wo fódà kan nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́ ní 2023. Ẹ̀kẹta, irú fáìlì wo ni gbogbo irinṣẹ́ yóò jọ máa fi kọ ẹ̀dà pákéèjì sílẹ̀? Wọ́n gba PEP 751 wọlé ní 2025, ó sì sọ fáìlì `pylock.toml` di ìlànà, ṣùgbọ́n uv ṣì ń lo `uv.lock` tirẹ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Títí wọn ó fi fẹnu kò, kí ìwọ tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí dá `.venv` sínú iṣẹ́ rẹ, kí o kọ orúkọ pákéèjì tí o béèrè fún sínú `requirements.txt` lọ́jọ́ tí o bá gbé e wọlé, kí o sì tẹ `python -m pip` nígbà gbogbo.